Àdùnbárìn Méjì ní Ọjà Agbalata

Ìtàn kúkúrú ni a mú wá fún yín, ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí wọ́n jọ dàgbà, tí wọ́n sì ṣe kòńgẹ́ ara wọn nínú ọjà. Àròsọ ni àwọn obìnrin méjèèjì, nítorí náà a kò fún wọn ní orúkọ àbísọ. Ṣùgbọ́n ọjà tí wọ́n ti pàdé wà, ẹnubodè tí ó ya irú wọn nípá wà, ìkíni tí ó sì tú ìdí ọ̀rọ̀ àárín wọn sílẹ̀ wà ní ẹnu gbogbo wa lójoojúmọ́.

Ọjà Agbalata ni ọjà ńlá Àgbádárìgì. Ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń ná an, kì í sì í ṣe àwọn ará ìlú nìkan ni ó ń ná an. Àwọn oníṣòwò a máa wá láti Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, Yorùbá àti Ẹ̀gùn a sì máa gbọ́ èdè ara wọn níbẹ̀. Kò yẹ kí èyí yà wá lẹ́nu, nítorí pé ẹbí ni wọ́n kí àwọn aláwọ̀ funfun tó dé. Ní ọdún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fi ìlà sí àárín Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́. Láti ìgbà náà wá, bí ọmọ kan bá fẹ́ kí ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ pé yóò kọ́kọ́ bá àwọn aṣọ́bodè sọ̀rọ̀.

Ní ọjọ́ ọjà kan nínú oṣù kẹta ọdún 2024, obìnrin kan tí ó ti tó ẹni ọgọ́ta ọdún jókòó ti àgbọn rẹ̀ àti kẹ́ẹ̀gì òróró àgbọn mẹ́rin. Ọmọbìnrin rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń bá a gba owó. Obìnrin mìíràn dé iwájú wọn, ó wé gèlè wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, àpò ńlá kan sì wà ní èjìká rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ajé á wọ igbá o.”

Olóròóró dáhùn pé, “Àṣẹ o. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìn.”

Ẹ kíyè sí i pé “ẹ” ni àwọn méjèèjì ń lò. Bí àlejò méjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ọjọ́ orí wọn tilẹ̀ dọ́gba.

Oníbàárà náà kò kọ́kọ́ bèèrè iye. Ó ní kí wọ́n bu òróró díẹ̀ sínú ife kékeré kan fún òun. Ó ra omi inú ọ̀rá tí ó tutù nini, ó dà á sínú abọ́, ó sì gbé ife náà lé àárín omi náà. Ẹni tí ó mọ òróró àgbọn nìkan ní ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ooru ọ̀sán, òróró àgbọn a máa mọ́ bí omi, òróró mìíràn tí a bá sì bù lé e kì í hàn sí ojú. Ṣùgbọ́n bí òtútù bá mú un, èyí tí ó jẹ́ ògidì a kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà a dì, a sì funfun bí àbẹ́là. Bí a bá ti fi òróró ẹ̀pà lú u, apá kan a máa ṣàn lórí èyí tí ó dì. Àdí nìkan ni ọgbọ́n yìí kò lè mú, nítorí pé òun náà a máa dì. Imú ni a fi ń mọ àdí.

Inú bí olóròóró díẹ̀ pé ẹni tí òun kò mọ̀ rí wá ń dán ọjà òun wò ní gbangba. Ó na ọwọ́ láti gba ife náà padà. Ní àkókò kan náà ni oníbàárà na ọwọ́ tirẹ̀ láti dì í mú kí ó má dà nù, apá aṣọ rẹ̀ sì fà sókè. Àpá iná kan wà ní ọrùn ọwọ́ rẹ̀ òsì, ó gùn bí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kékeré.

Olóròóró mọ àpá náà, nítorí pé ojú rẹ̀ ni ó ṣe. Nígbà tí àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá olóròóró fi wọ́n ṣọ́ ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe òróró àgbọn rí mọ bí iṣẹ́ náà ti rí. A ó rin àgbọn, a ó fi omi pò ó, a ó fún wàrà rẹ̀, a ó sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Èyí tí ó ki yóò léfòó, a ó rẹ́ ẹ kúrò lórí omi, a ó sì gbé e ka iná pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ títí òróró yóò fi jáde. Ní ọjọ́ náà, ọwọ́ ọmọdé ni ó rẹ́ ẹ, wọ́n sì bu omi púpọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí òróró gbóná tán, omi tí ó wà ní ìsàlẹ̀ bú jáde, ó sì ta sí ọwọ́ èyí tí ó ń rò ó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó sáré da omi tútù lé e, òun ni ó sì kígbe ju ẹni tí ó jóná lọ.

Olóròóró wo àpá náà, ó wo ojú tí ó wà lábẹ́ gèlè, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ bí ẹni tí ń bèèrè nǹkan.

“Àdùnbárìn?”

Ó yẹ kí a ṣàlàyé orúkọ yìí fún àwọn èwe. Láyé àtijọ́, bí ọ̀rẹ́ méjì bá fẹ́ràn ara wọn, wọ́n a mú orúkọ kan láàárín ara wọn. Ẹni kìn-ín-ní a fi pe ẹnì kejì, ẹnì kejì a sì fi orúkọ kan náà dá a lóhùn. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá tàbí ìyá sọ wọ́n, ará ilé kì í sì í fi pè wọ́n. Nítorí náà, ẹnì kan ṣoṣo ni ó wà láyé tí ó lè jẹ́ ìpè náà.

Oníbàárà gbé ife sílẹ̀. Ó ṣí gèlè sókè kúrò lójú, ó sì ké pé, “Àdùnbárìn mi! Ṣé ìwọ ni?”

“Èmi ni! Ìwọ dà láti ọjọ́ yìí?”

Wọ́n dì mọ́ ara wọn láàárín àgbọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú wọn. Àwọn obìnrin ìsọ̀ kejì ń kí wọn pé, “Ẹ kú oríire o!” “Ẹ” ti kúrò ní àárín àwọn méjèèjì, “ìwọ” ti gba ipò rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọn kò ti rí ara wọn.

“Ṣé àlàáfíà ni o wà?”

“Àlàáfíà ni, a dúpẹ́.”

“Ara ńkọ́?”

“Ara le.”

“Ọkọ rẹ ńkọ́?”

“Wọ́n wà. Wọ́n á gbọ́ pé mo rí ọ.”

“Àwọn ọmọ ńkọ́?”

“Gbogbo wọn wà. Wọ́n kí ọ.”

Bí a ti ń kí ara wa nìyẹn, láti ara dé ilé, láti ilé dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Kò sí ẹni tí ó bèèrè pé ọmọ mélòó, nítorí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìdáhùn náà sì kúrú. Ẹsẹ̀ ń dun ọkọ oníbàárà yìí gidigidi ní àkókò náà, síbẹ̀ “wọ́n wà” ni ó sọ. Kò purọ́. Ìkíni àkọ́kọ́ kì í ṣe ibi tí a ń tú ẹrù wàhálà sí. Ó kàn ń bèèrè bóyá ẹni náà ṣì wà láàyè ni. Èyí tí ó kù di ìgbà tí a bá jókòó.

Ọmọbìnrin olóròóró kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà.” Oníbàárà gbé e dìde, ó wo ojú rẹ̀ títí, ó sì ní, “Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Ojú Màmá ni ojú rẹ yìí.” Nígbà náà ni ó yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bèèrè pé:

“Màmá wa ńkọ́?”

Ẹ̀rín kúrò ní ẹnu olóròóró. Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Ìyá tí ó bí oníbàárà yìí kú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún márùn-ún. Ìyá olóròóró ni ó mú un sọ́dọ̀, ó sì tọ́ ọ pẹ̀lú ọmọ tirẹ̀ títí ó fi lọ sí ilé ọkọ ní Àjàṣẹ́. Ní ọdún 1998, ọkọ rẹ̀ kó o lọ sí Lómé ní ilẹ̀ Tógò. Láti ìgbà náà, ẹnu àwọn oníṣòwò ni wọ́n fi ń gbúròó ara wọn, ní oṣù kejìlá ọdọọdún sì ni aṣọ kan ń ti Lómé wá fún Màmá.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, Màmá kú. Olóròóró rán awakọ̀ kan sí Lómé. Awakọ̀ náà padà láti ẹnubodè, ó ní òun ti fi iṣẹ́ náà rán ẹlòmíràn tí ń gba ojú omi kọjá. Wọ́n dá ìsìnkú dúró fún ọ̀sẹ̀ kan nítorí ọmọ tí ó wà ní Tógò, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dé. Àwọn aládùúgbò bèèrè pé, “Èyí tí Màmá tọ́ yẹn ńkọ́?” Ìtìjú mú olóròóró, lẹ́yìn náà ìtìjú di ìbínú. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé, bí òun bá tún fi ojú kan obìnrin náà, òun kò ní dá a lóhùn. Ní ọjọ́ ọjà yìí, ayọ̀ ni ó yára ju ìbínú lọ, ẹnu rẹ̀ sì ti pe Àdùnbárìn kí ó tó rántí ohun tí ó ti búra.

Ìbéèrè yìí ni ó wá tú ohun gbogbo. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ pé Màmá kú kò ní bèèrè pé Màmá ńkọ́. Kí ó tó kí ara àti ilé rárá, “Ẹ kú ará fẹ́ra kù” ni ìbá kọ́kọ́ jáde ní ẹnu rẹ̀, ìbáà ṣe ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú náà, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò tíì rí ara wọn láti ìgbà náà. Ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì fẹ́ bo ìtìjú rẹ̀ ìbá yẹra fún orúkọ Màmá pátápátá. Èyí bèèrè pẹ̀lú ẹ̀rín ní ẹnu rẹ̀. Olóròóró rí i lẹ́ẹ̀kan náà pé iṣẹ́ tí òun rán kò dé Lómé rí.

Kí ó tó rí ohun tí yóò sọ, ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọwọ́ lu àpò èjìká rẹ̀, ó ní, “Aṣọ wọn ti ọdún 2019 wà níhìn-ín. Ẹnubodè ni wọ́n ti dá a padà fún mi. Lẹ́yìn náà ni àrùn Kòrónà dé, mo sì sọ fóònù mi nù pẹ̀lú nọ́mbà gbogbo yín. Ojú ń tì mí láti fi aṣọ kan ṣoṣo wá bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí n ra òróró, kí n tà á, kí n fi èrè rẹ̀ ra ìkejì, kí n tó yọ sí wọn.”

Kí ni olóròóró yóò dáhùn? Bí ó bá ní “Wọ́n wà,” irọ́ ni. Bí ó bá ní “Wọ́n ti kú,” ó ṣẹ̀ sí ohun tí àwọn àgbà kọ́ wa. A kì í túfọ̀ fún ẹni tí ó wà ní ìdúró pẹ̀lú ẹrù ní èjìká, tí ebi ń pa, tí kò sí ìbátan tí yóò dì í mú bí ó bá ṣubú, tí ojú ọjà gbogbo sì wà lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹni kọ́ ni ó sì yẹ kí ó tú u, bí kò ṣe àgbà, nínú ilé.

Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú ní ibi tí àpá wà, ó ní, “Ìwọ ni wọ́n máa ń dárúkọ nígbà gbogbo. A ó sọ̀rọ̀ wọn nílé. Jẹ́ kí ọmọ bá ọ gbé àpò yẹn.”

Oníbàárà kì í ṣe ọmọdé. Ó tẹ́tí fún “wọ́n wà,” kò gbọ́ ọ. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó bọ́ àpò fún ọmọ náà, kò sì bèèrè mọ́. Ní ọ̀nà ilé, iye tí wọ́n ń ta àgbọn ní Lómé ni wọ́n ń sọ. Àwa rò pé ìdákẹ́ rẹ̀ náà jẹ́ ọ̀wọ̀: ó gbà kí ọ̀rẹ́ òun ṣe nǹkan náà bí ó ti yẹ.

Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n fún un ní omi, wọ́n sì gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ẹja fún un. Ó jẹ díẹ̀. Olóròóró ti rán ọmọ lọ pe àbúrò Màmá, bàbá arúgbó kan tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Bàbá náà wọlé, oníbàárà kúnlẹ̀, ó sì kí i. Bàbá bèèrè bí ó ti rin ìrìn àjò, ó bèèrè ọkọ rẹ̀, ó sì bèèrè bóyá ó ti jẹun. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí olóròóró wá jókòó ti ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ọmọ mi, àgbà tí ó tọ́ ọ ti lọ sí ibi tí àgbà ń lọ. Oṣù kẹwàá ọdún 2019 ni. Wọn kò jìyà, wọ́n sì súre fún ọ kí wọ́n tó lọ.”

Obìnrin náà sunkún. Wọn kò sọ fún un pé kí ó dákẹ́. Nígbà tí ó rọ̀ díẹ̀, olóròóró sọ òtítọ́ fún un: “Mo bínú sí ọ láti ọjọ́ yẹn títí di òní. Mo rò pé o gbọ́, o kò wá.” Èkejì dáhùn pé, “Èmi náà ń sá fún yín láti ọjọ́ yẹn. Mo rò pé wọ́n ń bínú sí mi nítorí aṣọ.” Ó tú àpò rẹ̀, ó sì tẹ́ aṣọ náà sí orí ẹsẹ̀ olóròóró.

Nígbà náà ni ó kúnlẹ̀ níwájú ọ̀rẹ́ rẹ̀, “ẹ” sì padà sí ẹnu rẹ̀, nítorí pé gbogbo ẹbí ni ó ń kí. “Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yìn Màmá á dára o.”

Olóròóró ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan náà padà fún un: “Ìwọ náà, kú ará fẹ́ra kù.” Ọmọ Màmá ni òun náà í ṣe, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó tíì kí i bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ìtàn wa dé nìyẹn. Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí ní òkè ẹnubodè rí nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ikú tí a rán kò tíì dé títí ìdáhùn yóò fi padà wá. Ìjọba tún ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ṣí ní oṣù kejìlá ọdún 2020, ṣùgbọ́n olóròóró kò tún ránṣẹ́ mọ́, nítorí ó rò pé ti àkọ́kọ́ ti dé. Ìbá sàn kí ó fi iṣẹ́ náà rán ẹni méjì tí wọ́n gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó sì sọ fún wọn pé, “Ẹ béèrè ohun tí ó wí, kí ẹ mú un padà fún mi.” Bí wọn kò bá mú ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni náà padà, kí a má tíì bínú sí i.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òótọ́ ni, ẹnubodè, ilé ọkọ àti ikú a máa tú wọn ká. Ṣùgbọ́n bí méjì nínú wọn bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn ní ọjà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kí ara wọn dé òpin kí wọ́n tó ṣe ìdájọ́. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí oníbàárà ń múra láti lọ, ọmọbìnrin náà gbé kẹ́ẹ̀gì òróró méjì fún un, ó sì ròyìn pé òun wo ife inú abọ́ náà kí àwọn tó kó ọjà: gbogbo rẹ̀ ti dì, ó sì funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Oníbàárà rẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ pé yóò rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí òun ti mọ ẹni tí ó ṣe é.